Ẹ Má Bi Bàbá Pé Èló Ni

Lọ́dún tí mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìsọjí ní ìjọ wa l'Abẹ́òkúta, ímeèlì tí mo kọ sí oníwàásù kan l'Ékòó kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo kí wọn, mo dárúkọ ọjọ́, mo wá béèrè pé èló ni ká múra sílẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Akọ̀wé wọn ló padà pè mí: "Bùrọ̀dá, Bàbá ní ṣé ọjà làwọn ń tà ni?"

Láti ìgbà náà, ímeèlì méjì ni mo máa ń kọ. Ti àkọ́kọ́, Bàbá fúnra wọn la kọ ọ́ sí, kò sì sí ọ̀rọ̀ owó nínú rẹ̀ rárá: ìdí tí a fi ń pè wọ́n, àkòrí ìsọjí, ọjọ́ àti iye ìgbà tí wọn yóò wàásù. Ìgbà tí wọ́n bá gbà ni èkejì tó lọ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé wọn. Níbẹ̀, ìjọ ló ń sọ ohun tí òun ti ṣe, kì í ní kí àlejò dá iye lé ara rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Mà. A ti gba yàrá méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún Bàbá àti Màmá, ọ̀kan fún dírẹ́bà, láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ 12 sí òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé 16 Oṣù Kọkànlá. Owó epo àlọ àti àbọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, kó lè wọlé kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìjọ yóò tún fún Bàbá ní ẹ̀bùn ìmoore lẹ́yìn ètò. Bí ìlànà ìjọ yín kò bá fàyè gbà á, ẹ jẹ́ ká mọ̀. Ṣé oúnjẹ wà tí Bàbá kì í jẹ?"

Owó epo kì í ṣe ẹ̀bùn. Bí ẹ bá kó méjèèjì sínú àpòòwé kan, tí àlejò bá yọ owó epo kúrò, ẹ̀bùn lè má tó nǹkan mọ́. Ti dírẹ́bà náà ńkọ́? Mo mọ èyí tó sun inú ọkọ̀ lálẹ́ méjì, torí kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Ní ti àkókò, ẹ má kọ̀wé pé "ogójì ìṣẹ́jú péré lẹ ní." Ẹ kọ gbogbo ètò alẹ́ náà: orin ní aago márùn-ún, ìwàásù ní aago mẹ́fà, àdúrà ìparí ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, torí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé. Bàbá yóò ṣírò rẹ̀ fúnra wọn.

Kí ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lórí iye ẹ̀bùn kí ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀, kó má di pé ọrẹ alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n ń wò. Inú yàrá ni kí olùṣọ́ àgùntàn ìjọ ti fi àpòòwé náà lé wọn lọ́wọ́, kì í ṣe lójú ìjọ.