Rẹ́jísítà Tí Mo Ṣí fún Ẹnu Mi

Ọdún 33 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2017. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti ilé dé ilé-ìwé, n kì í sì í jókòó níwájú pátákó títí di agogo méjì ọ̀sán. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra àga onítìmùtìmù kan, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì jókòó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ ohun tí ìjókòó náà ń ṣe sí mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì pe àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé kí wọ́n yẹ̀ wá wò. Wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹun láti alẹ́. Nọ́ọ̀sì gún mi ní ìka, ó wo ẹ̀rọ, ó sì wò mí lójú. Iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ míligíráàmù 118 nínú désílítà kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àtọ̀gbẹ. Egbò kékeré kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò dùn ún rárá nítorí pé àìsàn náà ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ó di ohun tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́-abẹ.

Dókítà tí mo lọ rí kò ju ọmọ àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, ó sì ṣe àyẹ̀wò kejì tí ń fi bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, nítorí pé ṣúgà a máa lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, èròjà náà a sì máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú. Ìdá 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni tèmi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kò tí ì ní àtọ̀gbẹ, sà, ṣùgbọ́n ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ènìyàn kò bá tí ì jẹun, tí ṣúgà rẹ̀ kò tó 100, ó dára. Bí ó bá dé 126 lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. Àárín méjèèjì ni ẹ wà. Ìkìlọ̀ ni."

Ó gbé mi sórí ìwọ̀n: kílò 94. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kílò 81 ni mo jẹ́. Ó fi téèpù wọn ìyípo ikùn mi, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 108, bẹ́ẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọkùnrin bí ó bá ti ju 94 lọ. Ó ṣàlàyé pé ínsúlíìnì ni kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn iṣan ara fún ṣúgà láti wọlé. Bí ọ̀rá bá pọ̀ nínú ikùn àti nínú ẹ̀dọ̀, kọ́kọ́rọ́ náà kò ní í ṣí ilẹ̀kùn dáadáa mọ́, ṣúgà yóò sì dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002: àwọn tí wọ́n fẹ́ dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, tí wọ́n sì ń rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ju ìlàjì lọ, àwọn tí wọ́n ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ ni ó sì ṣe láǹfààní jù. Ìdá 7 nínú kílò 94 jẹ́ kílò 6 àti ààbọ̀. Ó ní kí n fi bí oṣù mẹ́fà lépa rẹ̀.

N kò gba oṣù mẹ́fà. Mo fẹ́ parí rẹ̀ ní oṣù kan. Mo gé oúnjẹ alẹ́ pátápátá, mo sì ń mu omi ewúro lórí òfo. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, kílò mẹ́ta ti lọ, mo sì ń yangàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òòyì kọ́ mi ní balùwẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n fi orí gbá ògiri. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, a lọ síbi ìnáwó kan, mo sì jẹun bí ẹni tí ó ti oko ẹrú dé. Ní òpin oṣù náà, mo ti padà sí kílò 94.

Ìyàwó mi ti ń sunkún láti ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Bàbá wọn, àwọn aládùúgbò ti ń bi mí bóyá ìjọba kò san owó ìfẹ̀yìntì yín mọ́. Ọbẹ̀ mi ni ẹ ń kọ̀, èmi ni wọ́n ó sì fi ọ̀rọ̀ náà dá lẹ́bi." N kò rò ó rí pé bí mo ti ń ti abọ́ sẹ́yìn, obìnrin tí ó ti gbọ́únjẹ fún mi láti ọjọ́ yìí wá ni mo ń tì sẹ́yìn.

Nígbà tí mo padà lọ, dókítà kò bínú. Ó ní púpọ̀ nínú ohun tí ó tètè kúrò lára mi jẹ́ omi àti iṣan, àti pé iṣan kì í ṣe ohun tí arúgbó ń sọnù, nítorí òun ni ó ń lo ṣúgà jù. Ó ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń jẹ ná.

Mo dáhùn pé, "Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mò ń jẹun lójúmọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo ra rẹ́jísítà, irú èyí tí a fi ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé, mo fa ìlà sí i, mo sì ń kọ ohun gbogbo tí ó bá kọjá ẹnu mi fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ keje, ojú tì mí. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń jókòó ti abọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò jókòó ti abọ́ pọ̀: ìgò mọ́ọ̀tì méjì lójúmọ́ pẹ̀lú àwọn àlejò, tí ṣúgà inú ìgò kọ̀ọ̀kan ju ṣíbí tíì méje lọ, ẹ̀pà yíyan, tí mò ń jẹ ìgò kan tán láàárín ọjọ́ méjì bí mo bá ń ka ìwé ìròyìn, búrẹ́dì tí mo fi ń mu tíì ní agogo mẹ́rin. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ tí ń sá wọ kíláàsì láìjẹ́ kí a pe orúkọ wọn.

Mo fi omi rọ́pò mọ́ọ̀tì. Ẹ̀pà kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ kan ni mò ń bù, mo sì ń gbé ìgò náà padà sí ilé ìdáná kí n tó jókòó.

Lẹ́yìn náà ni èmi àti ìyàwó mi jókòó sọ̀rọ̀ lórí abọ́. A kò yí oúnjẹ wa padà, ààyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú abọ́ ni a yí. Ẹ̀fọ́ gba ìlàjì. Ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdá mẹ́rin. Òkèlè gba ìdá mẹ́rin tí ó kù, kò sì gbọdọ̀ ju ìkúùkù mi lọ. Ní ti epo, ìyàwó mi ti ń fi ojú wọn ọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀; ó gbà láti máa fi ṣíbí ìjẹun wọn ọ́n, mẹ́rin fún ìkòkò ẹ̀fọ́ tí àwa méjèèjì ń jẹ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó rí i pé ọbẹ̀ òun ni mò ń jẹ púpọ̀ sí i, tí òkèlè ni ó dínkù, inú rẹ̀ dùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi dá mi lójú pé àmàlà àti ọkà àlìkámà kò ní ṣúgà, pé kí n jẹ ẹ́ yó. Ọmọ mi ti ra ẹ̀rọ ìyẹ̀jẹ̀wò kékeré fún mi, nítorí náà mo dán an wò. Mo jẹ àmàlà mẹ́ta bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 184 ni mo rí. Ní ọjọ́ kejì mo jẹ ẹyọ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ẹja, mo sì rìn yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. 141 ni mo rí. Àmàlà kan náà ni, ìyàwó kan náà ni ó rò ó. Ìṣù tí a gbẹ tí a lọ̀ ni èlùbọ́, ìṣù a sì máa di ṣúgà nínú ara, ì báà dúdú, ì báà funfun. Bí ó ti pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ wà.

Rírìn lẹ́yìn oúnjẹ náà kì í ṣe eré. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó lè fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de kọ́kọ́rọ́ ínsúlíìnì. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Mo tún ń dìde lórí àga onítìmùtìmù mi ní ìgbà mẹ́wàá láìfi ọwọ́ tì í, kí iṣan itan mi má bàa gbẹ.

Kílò kan lóṣù, nígbà mìíràn méjì. Ní oṣù kẹrin mo dé 89, mo sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rò pé ara mi ti kọ̀. Nígbà tí mo ṣí rẹ́jísítà, mo rí i pé ojú ewé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣófo. N kò pe orúkọ mọ́, àwọn ìsáǹsá sì ti padà wọ kíláàsì. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ní ti ìnáwó, mo ń jẹ ẹ̀wà díẹ̀ nílé kí a tó jáde, mo sì ń bẹ olùgbàlejò kí ó wé tèmi fún mi lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó bínú sí ẹni tí ó gbé oúnjẹ òun lọ.

Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, mo jẹ́ kílò 86 àti ààbọ̀. Ikùn mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 99. Àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta jẹ́ 5.6. Dókítà ní èyí kì í ṣe ìwòsàn. Bí mo bá padà sórí àga, ó lè padà wá, nítorí náà lọ́dọọdún ni a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ fún àwọn òbí yín. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ń rù láì gbìyànjú, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ó sì ń dìde tọ̀ léraléra lóru, ẹ má ṣe kí i kú oríire. Ẹ gbé e lọ síbi àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Bí ó bá sì ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, kò gbọdọ̀ gé oúnjẹ rẹ̀ kù kí dókítà tó mọ̀, nítorí ṣúgà lè já wálẹ̀ ju bó ti yẹ, kí ó sì dá ẹni náà kú.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "O ti rù." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo wá a." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí rẹ́jísítà tí ó wà lábẹ́ apá mi. Ó ní, "Ra ọ̀kan fún èmi náà. Ẹsẹ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ tọ́jú."