Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Béèrè fún Yíyọ Àwòrán Èké Kúrò Lórí Ìkànnì

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ rí i pé wọ́n ti mú ojú òun láti inú fọ́tò ìgbéyàwó, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhòòhò ẹlòmíràn lórí ìkànnì àwòrán kan. Kí ó tó kọ̀wé, ó kọ́kọ́ ya ojú ìwé náà pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́, nítorí pé ẹ̀rí lè pòórá. Lẹ́yìn náà ni ó kọ báyìí:

“Ẹ̀yin Alákòóso, ojú mi ni ó wà nínú àwòrán yìí, ṣùgbọ́n ara náà kì í ṣe tèmi, n kò sì fọwọ́ sí i. Mo fi fọ́tò gidi mọ́ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ gbogbo wọn, kí ẹ sì fún mi ní èsì.”

Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá kọ lè ṣẹ́kù síbẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rẹ́. Bí ìkànnì kò bá dáhùn, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà àti ẹ̀rí yín lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin náà.