Ọjọ́ Ìbímọ Méjì fún Oyún Kan: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọjọ́ Orí Oyún

Aboyún Yorùbá kan tó ń gbé ní Koira Kano, ní ìlú Niamey, lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò oyún rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Nàìjíríà, kó sì padà sí Niger láti bímọ. Káàdì méjì ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ ìbímọ tí a kọ sórí wọn sì lè fi ọ̀sẹ̀ kan yàtọ̀ síra. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti ṣì í ṣírò. Ó lè jẹ́ pé ìlànà méjì ni wọ́n lò.

Ibì kan náà ni ìlànà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin náà rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà dá. Oyún sábà máa ń dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí, ṣùgbọ́n a máa ń ka ọ̀sẹ̀ méjì náà mọ́ ọjọ́ orí oyún, nítorí pé ọjọ́ nǹkan oṣù ni obìnrin lè fojú rí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan kò rántí ọjọ́ oṣù, ṣùgbọ́n ó rántí pé òun bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni Iléyá ọdún 2025 bọ́ sí ní Nàìjíríà, nítorí náà ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ni a óò kọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, a óò fi oṣù 9 àti ọjọ́ 7 kún un: ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2026. Ọjọ́ 280 nìyẹn, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ 40. Franz Naegele, dókítà ọmọ Jámánì, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìlànà yìí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀sẹ̀ 41 ni wọ́n ń pè ní òpin oyún. Agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ ní ìlànà yẹn yóò fi oṣù 9 àti ọjọ́ 14 kún un, yóò sì kọ ọjọ́ 19 oṣù Kẹta.

Ká sọ pé obìnrin yìí wá fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì. Láti ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀, ọjọ́ 245 ti kọjá. Bí a bá fi 7 pín in, ọ̀sẹ̀ 35 ni. Bí a bá kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ 5 ló kù. 40 dín 5 jẹ́ 35. Láti ọjọ́ 19, ọ̀sẹ̀ 6 ló kù. 41 dín 6 jẹ́ 35 bákan náà. Oyún kan ṣoṣo ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò yí padà.

Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá da ìlànà méjèèjì pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a fi oògùn mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ fún obìnrin tó dájú pé oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 41 tí kò tíì rọbí. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá rí ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, tó sì rò pé ọ̀sẹ̀ 40 ni, yóò ní kí obìnrin náà lọ dúró di ọjọ́ 26. Ní ọjọ́ yẹn, oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ 42. Bí oyún bá sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ewu pé ọmọ lè kú sínú a máa pọ̀ sí i.

Ọ̀nà láti mọ ìlànà tí wọ́n lò rọrùn. Ẹ ka iye ọjọ́ tó wà láàárín ọjọ́ nǹkan oṣù àti ọjọ́ ìbímọ tí a kọ. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 280, ìlànà ọ̀sẹ̀ 40 ni. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 287, ti ọ̀sẹ̀ 41 ni. Ó lè fi ọjọ́ kan sí mẹ́ta lé, nítorí pé oṣù kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò ní lé ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìṣírò yìí gbà pé nǹkan oṣù obìnrin náà ń wá ní ọjọ́ 28 síra. Bí ó bá ń wá ní ọjọ́ 35, a óò sún ọjọ́ ìbímọ síwájú ní ọjọ́ 7. Bí kò bá sì wá déédéé, tàbí tí oyún dúró nígbà tí ó ń fún ọmọ lọ́mú tí nǹkan oṣù kò tíì padà, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí sílẹ̀, ọjọ́ nǹkan oṣù nìkan kò tó. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nílò àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, bí ó bá sì ṣe tètè ṣe é tó ni ìṣírò yóò ṣe péye tó. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí bá ti fìdí ọjọ́ múlẹ̀, kí a má ṣe fi èyí tí a ṣe nígbà tí oyún ti dàgbà yí i padà, nítorí pé nígbà náà ọmọ kan lè tóbi ju èkejì lọ bí ọjọ́ orí wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ ìlera kọ ọjọ́ nǹkan oṣù sórí káàdì, kí ó kọ ọjọ́ ìbímọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi 40 tàbí 41 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí aboyún tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn mú káàdì méjèèjì dání, ṣùgbọ́n ọjọ́ nǹkan oṣù ni kí ó kọ́kọ́ sọ fún agbẹ̀bí.