Orin ìbò ọmọ wa: ibi tó ti bàjẹ́ àti bí a ṣe tún un ṣe

Ádímìn yín ni o. Fóìsì nóòtì àná ni mo ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn tó ní ariwo Sábóńgàrí kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ orin ìpolongo ìbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pariwo ni. Èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí léèrè látìgbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá oníbàtà wa ti délẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ náà ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan lápá ilé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ń du ipò akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ ló fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ẹ̀rọ polówó òkìrìkà, ẹ bá wa wo eléyìí."

Ohun tó kọ nìyí: "Dìbò fún Dúpẹ́ nítorí pé ó máa bójú tó owó gbogbo wa." Ọ̀rọ̀ gidi ni, irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á. Ogún ìró ohùn ló wà nínú ẹ̀, láti dì títí dé wa. Bí èèyàn ọgọ́rùn-ún bá fẹ́ pariwo ìyẹn pọ̀, àwọn ti iwájú á ti dé "gbogbo wa", àwọn ẹ̀yìn á ṣì wà ní "nítorí pé". Wúruwùru ni yóò dà. Ohun tí èrò máa pariwo kò gbọ́dọ̀ ju ìró mẹ́rin sí mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì rí àyè mí.

Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí ọdún 1978, nígbà tí wọ́n fi kún owó oúnjẹ ọjọ́ kan fáwọn ọmọ yunifásítì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Àmọ́dù Àlí ló wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ ìjọba ológun nígbà náà. Ohun táwọn ọmọ náà ń pariwo kò ju orúkọ ọkùnrin náà àti ọ̀rọ̀ méjì lọ: Àlí Mọ́ọ̀sì Gò. Ẹni tó wà ní Èkó pè é, ẹni tó wà ní Sááríà níhìn-ín pè é, ohùn kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà padà dà, wọ́n yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà. Títí dòní, orúkọ tá a fi ń pe ìjà yẹn náà ni ohun tí wọ́n pariwo. Kíkúrú ẹ̀ ló gbé e dé ibi gbogbo.

Mo sọ fún ọmọ náà kó gé e kúrú, kó pín in sí méjì: ẹnì kan á pè, èrò á dáhùn. Ó ṣe é lóòótọ́. Ó mú èyí wá:

Ta ló mọ̀wé, mọṣẹ́?
Dúpẹ́!

Ó dùn mọ́ mi. Ṣẹ́ àti pẹ́ bára mu. Nínú Yorùbá wa, kí ọ̀rọ̀ méjì parí sí fáwẹ̀lì kan náà kò ṣòro, torí fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wa, wọn ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì nìkan ò tó. Bí o bá fi "fẹ́" bá "fẹ̀", etí kò ní gbà pé wọ́n jọra, nítorí ọ̀kan lọ sókè, èkejì lọ sísàlẹ̀. Ṣẹ́ àti pẹ́ ní tiwọn jọ wà lókè. Mo ní ó dára, kí wọ́n máa lò ó. Èmi ni mo jẹ̀bi èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ má bá ọmọ náà wí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú ọgbà ọ́síteèlì, ó ká ohùn ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ara mi bù máṣọ. Kì í ṣe "mọṣẹ́" ni mo ń gbọ́. "Mọ̀ṣẹ́" ni!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tá à ń ṣe láti jẹun, i rẹ̀ wà ní àárín. Ìṣẹ́ tó jẹ́ àbúrò òṣì, ì tiẹ̀ wà nísàlẹ̀. Tá a bá so wọ́n mọ́ "mọ̀", i yẹn á pòórá, ohùn orí "mọ" nìkan ló máa kù tá a fi lè dá wọn mọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́, re mi ni ohùn ẹ̀: mọṣẹ́. Ẹni tó mọ ìṣẹ́, dò mi ni: mọ̀ṣẹ́. Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ẹ̀, "mọ̀wé", dò mi ni òun náà. Ẹnu èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń fò sókè, ohùn tó kọ́kọ́ gbà ló máa ń fẹ́ tún gbà. Bó ṣe di "mọ̀wé, mọ̀ṣẹ́" nìyẹn. Ta ló mọ ìwé, tó tún mọ òṣì? Dúpẹ́! Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹnì kejì tó ń du ipò náà gbọ́ ọ kíá. Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀, àwọn á fi "Òṣì!" gbè é lẹ́yìn. Ọmọ náà sunkún lórí fóònù.

Ojú bébà kò lè fi irú àṣìṣe yẹn hàn, torí bẹ́ẹ ṣe kọ ọ́ lẹ máa kà á. Ọ̀nà kan tí mo mọ̀ ni kẹ́ ẹ kó bí èèyàn márùn-ún tí kò tíì gbọ́ ọ rí jọ, kí wọ́n pariwo ẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́wọ́ nígbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ gbé fóònù jìnnà síwọn bí ogún ìṣísẹ̀, kẹ́ ẹ ká a. Ẹni tí kò mọ ohun tẹ́ ẹ kọ ni kẹ́ ẹ ní kó gbọ́ ọ, kó sọ ohun tó gbọ́. Ká ní mo ti ṣe ìyẹn ni, ẹkún ì bá má sí.

A yọ iṣẹ́ kúrò pátápátá. A ní ipò akápò ló ń dù, owó ni ká sọ. Ọmọ náà ti ṣe akápò ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn rí, ó ṣọ́ owó náà, ó sì lẹ ìṣirò mọ́ ara pátákó kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Mo wá kọ "Ta ló ṣọ́wó ẹgbẹ́? Dúpẹ́!" Mo pè é nínú ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́, ó ń lọ wọ̀ọ̀. Àfi bí ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ burúkú yẹn, ṣe yí i dà láì sọ fún ẹnikẹ́ni: "Ta ló kówó ẹgbẹ́?" Gbogbo wa pátá la dáhùn: "Dúpẹ́!" A ti sọ ọ́ tán ká tó mọ ohun tá a sọ. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Ṣọ́wó àti kówó, ohùn wọn dọ́gba, èrò tó ti gbóná kò ní gbọ́ ìyàtọ̀.

Ìbéèrè tí orúkọ nìkan jẹ́ ìdáhùn ẹ̀, ewu ló ní. Ẹnikẹ́ni lè dúró síwájú, kó bi ìbéèrè mìíràn, èrò tiyín fúnra wọn á sì fi orúkọ ọmọ yín dáhùn. Torí náà la ṣe fi ọ̀rọ̀ kún ìdáhùn náà kó lè dá dúró, ìbéèrè yòówù tó ṣáájú ẹ̀. A yọ "ta ló" kúrò nínú ìpè pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí nìyí:

Ó ti ṣọ́wó ẹgbẹ́.
Dúpẹ́ la fẹ́!
Ó tún ṣírò, kò pẹ́.
Dúpẹ́ la fẹ́!
Akápò! Akápò!
Dúpẹ́ la fẹ́!

Ẹ kà á pẹ̀lú mi. Ìró mẹ́fà ni olórí ń pè, mẹ́rin ni èrò ń dáhùn. Nínú ìpè, àtẹ́wọ́ bọ́ sórí ìró kẹta àti ìkẹfà: ó ti ṣọ́, pá! wó ẹgbẹ́, pá! Nínú ìdáhùn, ó bọ́ sórí "pẹ́" àti "fẹ́". Ìpè kẹta kò bára mu pẹ̀lú àwọn yòókù, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí etí lè sinmi, kí ipò tó ń dù sì wọ orí wọn, torí orúkọ rẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n máa wá lórí ìwé ìbò. Kẹ́ ẹ sì wò ó, "Dúpẹ́ la fẹ́", bí èrò bá tiẹ̀ fa ohùn "la" wálẹ̀, kò yí padà sí èébú kankan.

Ìlà kan wà tí ọ̀rẹ́ ọmọ náà fẹ́ fi kún un, "Àárọ̀ títí dalẹ́". Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó bá ti ń rẹ̀ máa ń já ohùn sílẹ̀ níparí ìlà, "dalẹ́" á sì di "dalẹ̀". Ta ló fẹ́ dìbò fún ọ̀dàlẹ̀?

Ní alẹ́ mànífẹ́sítò wọn, mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kejì wá síwájú lóòótọ́, ó ké "Ta ló kówó ẹgbẹ́?" Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé "Dúpẹ́ la fẹ́!" Ó wò súà, ó jókòó. Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n máa dìbò.

Ẹni tó bi mí pé ṣé òun lè kàn yọ Dúpẹ́ kúrò kóun fi Káyọ̀ ọmọ tòun sí i: rárá o. Yọ̀ wà nísàlẹ̀, fẹ́ wà lókè, kò ní bára mu. "Káyọ̀, ẹ yọ̀" bára mu dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pariwo ẹ̀ nínú yàrá ná, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá "ẹ yọ ọ́" ló ń jáde. Tẹ́ ẹ bá ti ká a, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kì í ṣe sórí gúrúùpù. Àwọn ọmọ kejì náà lè ní ìyá níbí.