Ta Ni Ó Darí Ìpè Olùkọ́ Yìí?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí sọ sí wa lọ́kàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí olùkọ́ kan mú àwòrán ojú fóònù rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ti ka ìkìlọ̀ kan tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, pé kí olúkúlùkù tẹ àmì kan sórí fóònù rẹ̀. Bí nọ́ńbà tí kò mọ̀ bá yọ jáde, kí ó gbà pé ẹnìkan ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ òun. Olùkọ́ náà tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà sì yọ. Ọkàn rẹ̀ lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí ó yá fóònù náà lò ní ìpàdé. Ó ti múra tán láti fẹ̀sùn kàn án ní gbangba. A bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó, kí a jọ ka àwòrán náà.

Àmì tí ó tẹ̀ ni `*#62#`. Ohun tí ó yọ lójú fóònù nìyí, lẹ́yìn tí a ti yọ nọ́ńbà náà kúrò:

```
Voice Call Forwarding
When Unreachable
Enabled
```

Ìlà kejì ni ó gbé ìdí ọ̀rọ̀ náà dání. Ó ń sọ pé ìgbà tí fóònù bá kú, tàbí tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí ó wà, nìkan ni ìpè yóò gba ọ̀dọ̀ nọ́ńbà yẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ìpè tí a darí kì í pín sí méjì. Bí olùkọ́ bá ti gbé ìpè fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà kejì rárá.

Nọ́ńbà ta wá ni? A ní kí olùkọ́ mìíràn tí ó ń lo ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan náà tẹ àmì yẹn: nọ́ńbà kan náà ni ó yọ. A pè é: ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ni ó dá wa lóhùn, pé kí a fi iṣẹ́ tí a fẹ́ jẹ́ sílẹ̀. Àpótí ìfohùnsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ni; àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì tò ó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ó sábà máa ń rí pẹ̀lú `*#61#`, èyí tí í ṣe ti ìpè tí a kò gbé, àti `*#67#`, ti ìgbà tí a bá wà lórí ìpè mìíràn. Akọ̀wé kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni `*#21#`. Èyí ń béèrè bóyá gbogbo ìpè ni a darí láìsí àyè kankan fún fóònù láti dún. Bí nọ́ńbà àjèjì bá yọ níbẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ fi í síbẹ̀, ewu ńlá ni. Ọ̀nà tí ó sábà ń gbà wọlé ni pé oníjìbìtì kan yóò pè, yóò pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó gbé ẹrù wá, yóò sì ní kí ẹ tẹ `**21*`, kí ẹ fi nọ́ńbà kan tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi `#` parí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìpè yín ń lọ. Yóò wá fi nọ́ńbà yín ṣí Wáàsáàpù, yóò ní kí wọ́n fi ìpè sọ kóòdù oníye mẹ́fà náà, òun ni yóò sì gbọ́ ọ. Owó ni yóò fi orúkọ yín tọrọ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ní ilẹ̀ Índíà, ìjọba pàṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù dá fífi irú àmì báyìí darí ìpè dúró láti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2024, nítorí jìbìtì yìí.

Ẹni tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀, kí ó tẹ `##21#`, kí ó tún fi `*#21#` yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà kí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ wọ Wáàsáàpù padà. Èyí ni yóò lé olè jáde. Pípa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí inú ìwé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni àṣẹ náà wà, kì í ṣe inú fóònù. `##002#` ń pa gbogbo ìdarí rẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú àpótí ìfohùnsílẹ̀ lọ pẹ̀lú.

A kò sọ pé kò sí ẹni tí ó lè dẹtí sí ìpè ẹlòmíràn. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn àmì wọ̀nyí kò lè fi irú ìdẹtí bẹ́ẹ̀ hàn, wọn kò sì lè fi hàn pé kò sí. Ibi tí ìpè ń lọ nìkan ni wọ́n ń sọ. Olùkọ́ wa ká àwòrán rẹ̀ kò, ó sì gba ilé akọ̀wé lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe láti jà.