Mo Pa Fídíò Rẹ́, Àyè Kò Padà

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Ìkòtún, mo fẹ́ fi áàpù gba fíìmù kan sórí fóònù mi, ṣùgbọ́n àyè ti kún. Mo pa fídíò mẹ́ta tí ó tó jígábáìtì 2 rẹ́. Síbẹ̀ àyè kò lé sí i.

Àṣé ohun tí a bá pa rẹ́ nínú Files by Google a máa wà nínú Trash fún ọjọ́ 30, a sì máa gba àyè níbẹ̀. Mo ṣí Trash, mo yan gbogbo wọn, mo tẹ Delete. Àyè mi padà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ohun tí a bá pa níbẹ̀ kò ní padà mọ́.

Lẹ́yìn náà, mo gba fíìmù náà ní 360p dípò 1080p, kí ó má baà tóbi jù. Ẹni tí ó pa fídíò rẹ́ tí kò tú Trash, ilẹ̀ ni ó gbá, kò kó ìdọ̀tí.