Páìpù Bẹ́ Lóru: Láti Orí Fóònù dé Ẹnu Ọ̀nà

Bí páìpù bá bẹ́ ní ilé káńsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù láago kan òru, púlọ́ńbà kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tí ayálégbé máa bá sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó jókòó ti fóònù ni, ó sì lè jìnnà réré sí ilé ọ̀hún. Kò rí omi, kò rí iná; etí nìkan ló fi ń wò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀mí wà nínú ewu, bóyá ayálégbé fúnra rẹ̀ lè dá ewu náà dúró, àti agbaṣẹ́ṣe tó yẹ kó jí lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló ń ṣíwájú. Bí òórùn nǹkan tó ń jó bá gba ilé, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ta iná, ọ̀ràn ti kúrò ní ti oníṣẹ́: kí gbogbo ará ilé jáde, kí wọ́n pe panápaná ní 999. Bó bá ṣe pé iná kàn lọ ni, ìbéèrè tó kàn ni bóyá ti aládùúgbò ń tàn. Bí gbogbo òpópónà bá ṣú, ilé iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò ló ni ín, 105 sì ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè káàkiri Bìrìtéènì. Àwọn náà ló ni fíúùsì ńlá tí wọ́n fi èdìdì dì níwájú mítà. Oníṣẹ́ tí onílé rán wá kò láṣẹ láti já èdìdì yẹn.

Bó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo ló ṣú, wọ́n á béèrè bóyá owó ti tán nínú mítà. Ìbéèrè yìí máa ń bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n nínú ilé tó ń lo mítà asanwó-ṣáájú, òun nìkan lè jẹ́ ìdáhùn. Bí owó bá wà, ó ku àpótí fíúùsì. Bí súwíìṣì kan bá ti já síísàlẹ̀ nínú rẹ̀, kí ayálégbé yọ gbogbo ohun tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó gbé súwíìṣì náà sókè, kó wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tún já a lulẹ̀ ni ọ̀daràn, ó sì sábà máa ń jẹ́ kẹ́tùlù tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bó bá já nígbà tí kò sí nǹkan kan lára sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, ó ṣeé ṣe kí àbùkù wà nínú wáyà ilé, iṣẹ́ oníná sì dé nìyẹn. Àyẹ̀wò orí fóònù yìí kì í ṣe ìwà ahun. Bí oníṣẹ́ bá wá lóru tó sì bá kẹ́tùlù tó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń gba owó ìrìnàjò náà lọ́wọ́ ayálégbé.

Ti omi ní ìbéèrè tirẹ̀. Ṣé ó ń ṣàn láìdúró, àbí ìgbà tí ará òkè bá da omi ìwẹ̀ nù ló ń jò? Bí kò bá dúró, páìpù tí omi ń ti ipá wọ̀ ló bẹ́, kò sì ṣeé fi di ọ̀la. Bó bá ń wá tó ń lọ, páìpù omi ìdọ̀tí ni. Bí kò bá kan iná, ó lè di àárọ̀. Ṣé ó lọ́ wọ́ọ́wọ́? Ó lè jẹ́ páìpù tó ń mú ilé gbóná. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í béèrè bóyá omi náà pọ̀, nítorí kò sí ẹni tí omi ń jò sí lórí tí yóò ní kò pọ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ni garawa fi ń kún ló ń béèrè.

Bó bá jẹ́ páìpù ilé ayálégbé fúnra rẹ̀ ló bẹ́, wọ́n á ní kó wá kọ́ọ̀kì tó ń dá omi gbogbo ilé dúró, èyí tó sábà máa ń wà lábẹ́ síǹkì ilé ìdáná. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí i sí. Bó bá ti dì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi tipá yí i, torí bó bá kán, ọ̀ràn di méjì. Lẹ́yìn náà, kó pa bọ́ílà, kó ṣí ẹ̀rọ omi tútù kí èyí tó kù nínú páìpù lè ṣàn jáde.

Ibi tí omi àti iná ti pàdé ni iṣẹ́ yìí ti le jù. Ká ní ìyá kan tó ń gbé àjà kejì pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ pe onílé láago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú pé omi ń kán láti ìdí gílóòbù pálọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún un ni pé kó má fọwọ́ kan súwíìṣì ara ògiri, kó sì jáde nínú yàrá náà. Wọ́n á wá béèrè ibi tí àpótí fíúùsì wà. Ó ní ẹnu ọ̀nà ló wà, gbígbẹ ló sì gbẹ. Pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ àti iná fóònù, ó já súwíìṣì tó ń fún gílóòbù níná. Ewu tó tóbi jù ti rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ kankan kò tíì wọkọ̀.

Ibi tí ẹni tí kò tíì gbówọ́ ti máa ń ṣìṣe ló kù. Yóò ní kí ìyá yìí lọ ti kọ́ọ̀kì abẹ́ síǹkì, yóò sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sórí iṣẹ́ púlọ́ńbà. Omi náà kì í ṣe tirẹ̀. Láti àjà kẹta ló ti ń bọ̀. Ilé òkè ló yẹ kí púlọ́ńbà lọ, nọ́ńbà ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n pè. Ká ní iṣẹ́ òru ni onítọ̀hún lọ, kò gbé fóònù. Jíjá ìlẹ̀kùn rẹ̀ kọ́ ló kàn. Kọ́ọ̀kì mìíràn sábà máa ń wà nínú àpótí ògiri lójú àtẹ̀gùn, èyí tó ń dá omi ọ̀pọ̀ ilé dúró pa pọ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà yẹn kò ní rí omi lò títí wọn yóò fi rí ẹni tó ni ilé òkè, tàbí tí ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà yóò fi fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn.

Àkọsílẹ̀ tí púlọ́ńbà gbà ló ń sọ bóyá yóò tètè parí. “Omi ń jò” kò ràn án lọ́wọ́. Ohun tó nílò ni irú èyí: àjà kẹta ni omi ti ń jáde, kò dúró, kò sí ẹni nílé, kọ́kọ́rọ́ àpótí ògiri wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ilé, ìyá àti ọmọ kékeré wà ní àjà kejì, wọ́n ti pa iná pálọ̀. Oníná lè dúró di ọ̀sán, torí kò sí àyẹ̀wò gidi tó lè ṣe lára wáyà tí omi ṣì ń kán sí. Bó bá jẹ́ pé àpótí fíúùsì ló rin ni, tàbí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ mí wà nínú ilé, òun náà ní láti wá lóru yẹn.

Nígbà tí púlọ́ńbà bá wọlé, kì í ṣe àtúnṣe ló wá ṣe. Bó bá bá páìpù bàbà tó ti yọ ní oríkèé lábẹ́ báàfù, yóò dé e ní ẹnu, yóò ṣí kọ́ọ̀kì àtẹ̀gùn kí àwọn yòókù lè rí omi, yóò sì kọ iṣẹ́ tó kù sílẹ̀ fún ojúmọmọ. Ọ̀pọ̀ ìjà ayálégbé àti onílé ti ibí yìí wá, nítorí ẹni tí kò sùn lóru ń retí pé iṣẹ́ ti parí. Mímú ewu kúrò ni òfin ń béèrè kíákíá. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Awaab Ishak pè, ọmọ ọdún méjì tí èébú inú ilé ṣokùnfà ikú rẹ̀ ní Rochdale lọ́dún 2020, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ó fún káńsù àti àwọn àjọ onílé bíi tirẹ̀ ní wákàtí 24 láti mú ewu pàjáwìrì kúrò, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́. Bí wọn kò bá lè ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn tí ayálégbé máa sùn sí.

Ní ti ìyá àjà kejì, súwíìṣì tó já lóru yóò wà nílẹ̀ títí sílìǹgì yóò fi gbẹ, tí oníná yóò sì fi ẹ̀rọ wọn wáyà rẹ̀. Ìyẹn lè gba ọjọ́ mélòó kan, pàápàá nígbà òtútù.